Gíráfíìkì inú pirósẹ́sọ̀ àti káàdì gíráfíìkì: bí mo ṣe fi iṣẹ́ gan-an yẹ méjèèjì wò

Àbúrò mi tó ń ya fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fẹ́ to kọ̀ǹpútà tuntun. Ó ti yan pirósẹ́sọ̀ Intel Core i5-12400F, ó sì fẹ́ fi káàdì RTX 3060 tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 12 sí i. Lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn orúkọ pirósẹ́sọ̀ yẹn ló ń sọ fún wa pé kò sí gíráfíìkì tó ṣeé lò nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí káàdì ńlá ti wà níbẹ̀. Kí la tún fẹ́ fi ti inú pirósẹ́sọ̀ ṣe?"

Kọ̀ǹpútà tèmi ní i5-12400 tí kò ní F, èyí tí gíráfíìkì UHD 730 wà nínú rẹ̀, ó sì ní RTX 3060 bíi tirẹ̀. Mo ní kó fún mi ní fídíò kan nínú èyí tó ń yà, kí n fi iṣẹ́ kan náà yẹ méjèèjì wò.

Kí n tó ṣí ohunkóhun, mo kọ́kọ́ wo irú fáìlì tó jẹ́:

```
ffprobe -v error -select_streams v:0 -show_entries stream=codec_name,pix_fmt -of default=nw=1 fidio.mp4
```

Èsì tó gbé jáde nìyí:

```
codec_name=hevc
pix_fmt=yuv422p10le
```

Ìlà kejì yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dání. H.265, tí orúkọ rẹ̀ míì jẹ́ hevc, ni fáìlì náà, 4:2:2 ni ọ̀nà tí wọ́n gbà pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́, bíìtì 10 sì ni wọ́n fi ń ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó dára máa ń kọ fáìlì báyìí, torí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó máa tún àwọ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó lè fi fídíò bẹ́ẹ̀ hàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u, nítorí pé kámẹ́rà ti ká a pọ̀. Ẹ̀yà kan lọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ gíráfíìkì ló ń ṣe iṣẹ́ ìtú yẹn, kì í ṣe ibi tó ń ṣe ìṣirò àwòrán. Káàdì lè lágbára débi tó wù kó dé, bí ẹ̀yà ìtú rẹ̀ kò bá mọ irú fáìlì kan, kò ní lè tú u. Ẹ̀yà ìtú káàdì GeForce ti NVIDIA, tí RTX 3060 wà lára wọn, kò mọ 4:2:2 títí tí RTX 50 fi dé lọ́dún 2025. UHD 730 kékeré tó wà nínú pirósẹ́sọ̀ mi mọ̀ ọ́n.

Ní ti bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò: nínú BIOS, mo tan iGPU Multi-Monitor, nítorí pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù máa ń pa gíráfíìkì inú pirósẹ́sọ̀ tí wọ́n bá ti rí káàdì. (Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù míì.) Lẹ́yìn náà mo ṣí Task Manager, mo sì wo abala Performance, níbi tí gíráfíìkì kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ìwé tirẹ̀. Àwòrán ìwọ̀n méjì ni mo tẹjú mọ́: Video Decode, tó ń fi iṣẹ́ ìtú hàn, àti 3D, tó ń fi iṣẹ́ ìṣirò hàn.

Mo fi fídíò 4K náà sínú DaVinci Resolve Studio, ètò tí a fi ń tún fídíò ṣe. Ní Decode Options, mo kọ́kọ́ fi ti NVIDIA nìkan sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, Video Decode ti káàdì kò kúrò lójú kan, pirósẹ́sọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì sún mọ́ 100%. Àwòrán ń dúró, ó ń fò. Mo wá tan ti Intel. Video Decode ti UHD 730 gbéra, ẹrù kúrò lórí pirósẹ́sọ̀, fídíò náà sì ń ṣàn geere. Mo gé e, mo tò ó, mo to ohùn, mo kọ orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, 3D kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Ó dá mi lójú pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ síbẹ̀ kò nílò káàdì. Fún irú fáìlì yìí gan-an, ti inú pirósẹ́sọ̀ ló gbà á.

Ibi tí káàdì ti di dandan ni àwòrán tí àbúrò mi yà lálẹ́, tí àmì wínníwínní tí wọ́n ń pè ní ariwo àwòrán kún inú òkùnkùn rẹ̀. Mo tan ìmúkúrò ariwo tó ń fi férémù wé férémù, mo ní kó máa wo méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Férémù 4K kan ní písẹ́lì 8,294,400. Báìtì 16 ni Resolve ń lò fún písẹ́lì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé férémù kan ń gba bíi mẹ́gábáìtì 133. Márùn-ún pa pọ̀ jẹ́ bíi 660, ó sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n lákàtúnkà kó tó lè mú férémù kan ṣoṣo jáde.

UHD 730 kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Rámù kọ̀ǹpútà ló ń pín lò pẹ̀lú pirósẹ́sọ̀, àti pé rámù DDR4-3200 méjì tí a fi síbi tó yẹ kò lè gbé ju gígábáìtì 51.2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni, 25.6 ni. Mẹ́mọ́rì RTX 3060 ń gbé 360, kò sì bá ẹnikẹ́ni pín in. Mo yọ káàdì náà kúrò pátápátá láti rí bó ṣe máa rí: 3D ti UHD 730 lọ sí 100%, férémù kan sì ń gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó yọjú. Nígbà tí mo dá káàdì padà, mo lè máa wo ohun tí mò ń ṣe. Mẹ́mọ́rì káàdì náà ṣe pàtàkì o. Ẹni tí tirẹ̀ kéré lè rí ìkìlọ̀ "Your GPU memory is full", tó bá sì ti rí i, kó dín iye ìtúnṣe tó tò léra wọn kù tàbí kó ṣiṣẹ́ lórí àwòrán tó kéré sí 4K.

Ti géèmù yára yẹ̀ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí UHD 730, mo ṣí géèmù ayé gbayawu kan, férémù 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo rí ní 1920×1080. Mo sọ ọ́ di 1280×720, ó gòkè sí 27. Písẹ́lì ti dín kù ní ìlọ́po 2.25, iyára sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, èyí tó fi hàn pé gíráfíìkì ló ń dí i lọ́wọ́. Ká ní férémù kò yí padà nígbà tí mo dín àwòrán kù, pirósẹ́sọ̀ ni à bá máa wò, owó káàdì ì bá sì ṣòfò. Ní ti géèmù pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ kàn ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan, UHD 730 gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Mo fi gbogbo rẹ̀ han àbúrò mi. Kò fi RTX 3060 sílẹ̀, torí àwòrán alẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó pàrọ̀ i5-12400F sí i5-12400. Nígbà tí a to kọ̀ǹpútà náà tán, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a tan iGPU Multi-Monitor, a sì ṣí fídíò rẹ̀ láti rí i pé Video Decode ti UHD 730 ń gbéra.