Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ dísíìkì tó kú nínú NAS

Ẹ jẹ́ kí a mú ayàwòrán kan ní Ìkòròdú, tí ó kó àwòrán ìgbéyàwó àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú NAS, àpótí tí a ń pa fáìlì mọ́ sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dísíìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tẹrabáìtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì tò wọ́n ní RAID 5, ètò tó lè fara da ikú dísíìkì kan ṣoṣo. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì fi hàn pé dísíìkì tí ó ń pè ní `sdc` ti kú. Ní àkókò yìí, kò tíì sí ohun tó sọnù, nítorí pé ohun tó wà lórí dísíìkì tó kú ṣì ṣeé ṣírò padà láti ara mẹ́ta tó kù. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn náà ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé `sdc` ni ihò kẹta, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ètò bá ṣe rí àwọn dísíìkì nígbà tí a tan ẹ̀rọ ni ó ń pín lẹ́tà fún wọn, lẹ́tà náà sì lè yí padà. Bí a bá yọ èyí tó yè, méjì péré ló kù, RAID 5 yóò sì dúró. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà níwájú `Serial Number` lára àwọn mẹ́ta tó ń dáhùn. Dísíìkì tí nọ́ńbà tí a kọ sára rẹ̀ kò sí láàárín wọn ni ó kú.

```
smartctl -i /dev/sda
smartctl -A /dev/sda
```

Àṣìṣe tó burú jù, lójú tèmi, ni kí a ti dísíìkì tuntun bọ ibẹ̀ láì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán náà síta. Àtúnkọ́, ìyẹn ṣíṣírò ohun tó wà lórí dísíìkì tó kú padà sórí tuntun, máa ń ka dísíìkì mẹ́ta náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà láti ọdún pípẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àbùkù tí a kò mọ̀ ti máa ń jáde. Bí àṣẹ kejì bá fi nọ́ńbà tó ju òdo lọ hàn lábẹ́ `RAW_VALUE` ní ìlà `Current_Pending_Sector`, ewu ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òdo pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí àbùkù, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà ṣáájú.

Bí dísíìkì bá ń kọ mẹ́gábáìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹrabáìtì 8 yóò gba nǹkan bíi wákàtí 15, yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ṣí àwòrán lórí rẹ̀. Iná Ìkòròdú kì í sábà dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ so NAS mọ́ bátìrì tó lè gbé e títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi tàn, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ láti pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá fẹ́ tán. Bí a bá pa á dáadáa, mdadm, ètò Linux tó ń darí RAID, sábà máa ń tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró. Bí iná bá já níbi tó ti ń kọ nǹkan, ó lè kọ̀ láti dìde.

Nígbà náà, ẹ má ṣe tẹ `mdadm --create`, ẹ má sì gbà bí àpótí bá ní kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi `mdadm --examine` wo iye `Events`, ìyẹn òǹkà àwọn ìyípadà tó ti wáyé nínú RAID, lára dísíìkì mẹ́ta tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn kéré, `mdadm --assemble --force` sábà máa ń gbé e dìde; kí ẹ wá fi àwọn fáìlì tí a ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná já wé ẹ̀dà tó wà níta.