Báńdì A ni wọ́n sọ fún mi: bí mo ṣe gba ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Ìkòròdú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí èjẹ́ńtì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi pé Báńdì A ni, ìyẹn ibi tó yẹ kí iná wà fún wákàtí ogún lójúmọ́. Lítà márùn-ún lójúmọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, lítà mẹ́jọ ní Sátidé, 900 náírà ni wọ́n ń ta lítà kan lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní 260,000 náírà. Rẹ́ǹtì ọdún kan pàápàá, 600,000 ni. Ìyẹn ni pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ́ǹtì ni mo ti dà sínú epo. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tí mo ti ṣe dáadáa, torí mo ṣe dáadáa níbì kan. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà létí títì ní Sábó, mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà lọ́dún. Èkejì wà ní àdúgbò inú lọ́hùn-ún, ilé tó wà ní kọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ló dojú kọ títì àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù tèmi wá dojú kọ ọ̀nà kékeré tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá. 700,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n lọ gba ti Sábó, wọ́n ní ibi tí èrò bá wà ni owó wà.

Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lásán. Mo lọ jókòó ti ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù ti Sábó ní ọjọ́ Fúráìdè, láti aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́, mo ń fa igi sínú ìwé fún gbogbo obìnrin tó bá kọjá. Wọ́n lé ní irinwó. Fúráìdè tó tẹ̀ lé e mo ṣe bákan náà ní àdúgbò inú, wọn ò ju 130 lọ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ni mò ń tà, Sábó ni ǹ bá gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn irinwó yẹn, ọkọ̀ ni wọ́n ń sáré lé, ẹrù wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó wo ọ̀tún wo òsì. Irun dídì ń gba wákàtí mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún, ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀ ò lè ṣàdédé yà síbẹ̀. Àwọn 130 ti àdúgbò inú, ilé ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń kí télọ̀, ẹni tó bá kọjá ní aago márùn-ún lónìí á tún kọjá lọ́la. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wo irun orí ẹni tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, táá wá ní "Àǹtí, èló lẹ̀ ń di irú èyí?" Mo gba ti inú, mi ò sì tíì kábàámọ̀ ẹ̀ rí, oníbàárà mi ò tíì wọ́n látìgbà yẹn.

Lórí rẹ́ǹtì náà mo ṣe bẹbẹ. Páálí tí wọ́n kọ "tù lẹ́ẹ̀tì" sí lára ilẹ̀kùn ti ṣá nínú oòrùn, mo wá bi télọ̀ léèrè, ó ní ó ti tó oṣù márùn-ún tí ibẹ̀ ti ṣófo. Ohun tí mo fi jà nìyẹn. Ọdún méjì ni èjẹ́ńtì ń bèèrè, pẹ̀lú owó èjẹ́ńtì ìdá mẹ́wàá, owó agirímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, àti kọ́ṣọ̀n 50,000. Mo pe Alhaja onílé fúnra mi, mo ní, "Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ mà. Oṣù márùn-ún tí ṣọ́ọ̀bù yìí ti wà ní títì, owó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ gba 600,000 ọdún kan lọ́wọ́ mi ní Mọ́ńdè, kì í ṣe ìlérí." Mo sì rọra fi kún un pé òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ò fún onílé láyè láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mi ò fi halẹ̀ o, mo kàn ní kí Alhaja bi lọ́yà wọn wò. Wọ́n ní wọ́n á pè mí padà, wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbà. Gbogbo ẹ̀ pátá jẹ́ 770,000 náírà. Tí mo bá gba ọdún méjì tí wọ́n kọ́kọ́ pè, iye tó máa bọ́ lọ́wọ́ mi ò ní kéré sí mílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Ó wá ku iná.

Ohun tí mo ṣe nípa iná ni pé mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án, iná wà lọ́dọ̀ télọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, fáànù ń yí. Èjẹ́ńtì ní gbogbo ilé yẹn Báńdì A ni, wákàtí ogún lójúmọ́. Mo ní kó tan iná inú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kò sí tókìn nínú mítà, ẹni tó kó jáde ti lo gbogbo ẹ̀ tán. Mo gbà á gbọ́. 500 náírà péré lǹ bá fi ra tókìn lọ́jọ́ náà kí n tó sanwó, gbogbo wàhálà yìí ni ì bá ti hàn síta.

Lẹ́yìn tí mo kó wọlé ni mo ra tókìn 5,000, ó fún mi ní yúníìtì tó lé ní àádọ́rin. Inú mi dùn, mo ní owó iná ibí mà rọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ yẹn iná ò dé kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, èmi sì ti tilẹ̀kùn ní mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹrin mo yọjú sọ́dọ̀ télọ̀, iná ń tàn yòò níbẹ̀, ilé kan náà o, ògiri kan náà ló pín wa. Mo ní kó jẹ́ kí n wo rìsíìtì tókìn ẹ̀. 5,000 tiẹ̀, yúníìtì 22 ló fún un, wọ́n kọ "A-Non MD" síbẹ̀. Tèmi, "C-Non MD".

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Báńdì kì í ṣe ti ilé, kì í ṣe ti àdúgbò, ti láìnì tó ń gbé iná wá sí tiransifọ́mà ni. Báńdì A gbọ́dọ̀ rí wákàtí 20 ó kéré tán, C wákàtí 12, wọn ò sì sọ pé ọ̀sán ni wákàtí 12 yẹn máa bọ́ sí. Opó iwájú ilé ni wáyà télọ̀ ti wá, opó ẹ̀yìn ilé ni wáyà tèmi ti wá, opó ẹ̀yìn yẹn sì ń jẹun lára tiransifọ́mà àdúgbò kejì. Tí mo bá gbójú sókè tí mo tẹ̀ lé wáyà pẹ̀lú ojú mi, mo máa rí i. Owó yúníìtì gan-an ló sì máa ń tú àṣírí: láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ti gbé owó yúníìtì Báńdì A gòkè sí 225 náírà, kó tó padà rọ̀ díẹ̀ sí 209 àti díẹ̀, tókìn 5,000 ò lè ju yúníìtì méjìlélógún náà lọ tí wọ́n bá yọ VAT. Tó bá fún yín ní àádọ́rin, Báńdì A kọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí inú yín dùn bíi tèmi.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Báńdì A ti wọ́n jù fún onírun. Mo wọ̀n ọ́n. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ mi ń gbé dráyà olórí kan àti fáànù méjì fún bíi wákàtí kan, 900 náírà. Wákàtí kan náà yẹn lórí iná Báńdì A ò tó 300. Ariwo ò sí, èéfín ò sí, oníbàárà kì í fọwọ́ di etí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wáyà mi lọ sí opó iwájú.

Háà, ibí gan-an ni mo ti rí màbo. Ọ́fíìsì oníná ní kí onílé kọ lẹ́tà fúnra ẹ̀, èmi ayálégbé ò tó bẹ́ẹ̀. Alhaja wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ kan lọ síbẹ̀. Lẹ́tà dé, wọ́n ní kí n mú oníná tó ní láísẹ́ǹsì wá, mo mú un wá. Wọ́n ní ẹni tó máa wá yẹ ibẹ̀ wò ń bọ̀ ní Túsìdè, Túsìdè mẹ́ta kọjá, mo ń tilẹ̀kùn fún oníbàárà torí kí wọ́n má bàa dé kí n má sí ńlẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní tiransifọ́mà iwájú ti kún, kò lè gbà mí. Mo bi í pé yúníìtì mélòó ni dráyà méjì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n so mọ́ ọn lóṣù tó kọjá, kò dáhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo padà lọ bá ọ̀gá wọn, mo mú rìsíìtì mi àti ti télọ̀ dání, mo tẹ́ méjèèjì sórí tébù ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó sà, ilé kan náà." Òun ló fọwọ́ sí i. Èmi ni mo ra wáyà fúnra mi, ó gùn tó mítà 45. Wọ́n gbé e, iná dé, síbẹ̀ mítà ṣì ń kà á sí C fún ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó yí i nínú kọ̀ǹpútà wọn, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á wá fi gbèsè lé mi lórí. Mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n buwọ́ lù ú pé mo ti sọ fún wọn. Ẹ tọ́jú irú ẹ̀.

Èjẹ́ńtì ò gbé fóònù mi mọ́, owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fi Alhaja sílẹ̀. Mo gba ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, mo gbé rìsíìtì epo, rìsíìtì wáyà àti rìsíìtì tókìn méjèèjì yẹn síwájú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alhaja, mi ò ní kẹ́ ẹ dá owó padà. Wáyà tí mo gbé yìí, ara ilé yín ló wà, mi ò ní tú u lọ. Ẹ fi oṣù méjì kún ọdún mi." Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wo ìwé náà yí ká, wọ́n ní oṣù méjì yẹn dáa. Mo ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú agirímẹ́ǹtì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí rẹ́ǹtì bá máa gòkè wọ́n á sọ fún mi ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Lọ́yà ní 10,000 náírà ni owó àtúnṣe ìwé, mo san án. Rẹ́ǹtì mi tó yẹ kó parí ní oṣù kẹta ti wá di oṣù karùn-ún báyìí.