Ẹ má wọ́ ẹsẹ̀ kan tó wú lẹ́yìn ìrìn àjò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àǹtí mi wọ bọ́ọ̀sì láti Kano wá sí Iléṣà, wọ́n sì jókòó láti àárọ̀ di òru. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ojúgun òsì wú, ó gbóná, ó ń dùn wọ́n. Òrí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, pé kí n bá wọn wọ́ ọ. Mo ní rárá.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, tí kò dunni, ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè sùn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Ìrìn ló ń mú kí ẹran ojúgun ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè; bí a bá jókòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹran. Wíwọ́ lè já a, kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Mo fi téèpù aránṣọ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ kókó egungun abẹ́ orúnkún. Òsì jẹ́ 38, ọ̀tún 34. Bí ìyàtọ̀ bá ju 3 lọ, ìfura pọ̀ sí i. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì o. Ẹran ojúgun tó fà náà lè jọ ọ́, síkáànù ẹsẹ̀ ló ń là á. Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ ṣe é: ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n ń lò, ó kéré tán oṣù 3.

Bí èémí bá ń há, tí àyà ń dunni, tàbí tí ikọ́ ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn lóru yẹn ni.