Ráútà yín ń kú ó ń jí: ẹ má sáré ra bátìrì tẹ́ ẹ bá ṣáà ti rí

Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀, gílóòbù á kàn ṣẹ́jú ni, àmọ́ ráútà á kú pátápátá, ó sì lè tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tó padà mú nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá máa bú àwọn tó ń ta dátà fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wọ ojú ìwé ráútà yín lórí fóònù, ẹ wá ibi tó kọ `Uptime` sí, ìyẹn iye àkókò tí ráútà ti wà láàyè láìkú. Tó bá jẹ́ pé kò ju ìgbà tí iná dé kẹ́yìn lọ, iná ló ń pa á. Tó bá ti tó ọjọ́ mélòó kan tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń já, ẹjọ́ iná kọ́ nìyẹn, bátìrì kankan ò lè tún un ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti páwà báǹkì. Wọ́n á ra wáyà tó ń sọ 5V di 12V, wọ́n á fi so ráútà mọ́ ọn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí iná á fi dé o, torí ọ̀pọ̀ páwà báǹkì ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná báyìí ni wọ́n á dá èyí tí wọ́n ń gbé jáde dúró fíntín, fíntín yẹn sì ti tó láti pa ráútà. Míní UPS, ìyẹn bátìrì kékeré tí wọ́n dìídì ṣe fún ráútà, ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ wo ara ṣájà ráútà, níbi tí wọ́n kọ `OUTPUT` sí. Tó bá jẹ́ 12V 1A, ojú 12V lára míní UPS ni kẹ́ ẹ ti mú iná. Ráútà 9V tẹ́ ẹ bá kì bọ 12V lè jó.

Nọ́ńbà ńlá ara páálí míní UPS náà ń tan èèyàn. Wọ́n kọ 10,000mAh, ẹ wá pín in fún 600mA tí ráútà ń jẹ, ẹ ní wákàtí 16 nìyẹn. Rárá o! Orí 3.7V ni wọ́n ti ka 10,000 yẹn, ó jẹ́ 37Wh, díẹ̀ á tún ṣòfò níbi tó ti ń gbé e lọ sí 12V, á kù bíi 30. Ráútà tó ń jẹ wáàtì 7 á lò ó fún wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀, ìyẹn tí bátìrì bá ṣì tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fáíbà, tó bá jẹ́ pé àpótí kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀ dá wà lọ́tọ̀, ẹ so òun náà mọ́ bátìrì, torí bí ráútà nìkan bá wà láàyè, Wáì-Fáì á hàn lórí fóònù yín àmọ́ kò ní gbé nǹkan kan. Àpótí méjì á sì tètè jẹ bátìrì tán, wákàtí mẹ́rin yẹn lè di méjì àbọ̀.