Bí ẹ ó ṣe sọ èsì rigirẹ́ṣàn yín ní dìfẹ́ǹsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra dìfẹ́ǹsì ní Ifẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ yín, ẹnì kan lè mọ ìṣirò dunjú, kí ẹlòmíì jẹ́ onímọ̀ ìtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka tábìlì rigirẹ́ṣàn sí wọn létí.

Ká ní àgbẹ̀ kòkó lẹ ṣèwádìí lé lórí, tí ẹ fi ìtóbi oko àti ọjọ́ orí igi sínú ìṣirò, tí iye tó wà níwájú ajílẹ̀ nínú tábìlì jẹ́ 40, tí ààlà ìdánilójú 95% rẹ̀ sì jẹ́ 12 sí 68. Ẹ sọ pé: "Láàárín àgbẹ̀ tí oko wọn tóbi bákan náà, tí igi wọn sì dàgbà bákan náà, ẹni tó fi àpò ajílẹ̀ kan ju ẹnì kejì lọ ń kórè nǹkan bí 40 kìlò sí i. Ó lè jẹ́ 12 péré, ó sì lè tó 68." Ẹ má ní ajílẹ̀ ló fà á, torí ẹ ò pín ajílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kàn bi wọ́n léèrè ni.

Níbi àléébù ni kí ẹ ti fara balẹ̀. "Àwọn tí a bi kò pọ̀" kò tó, ààlà yẹn ti sọ ọ́. Ẹ sọ apá ibi tí àléébù ń ti èsì sí. Àgbẹ̀ tó lówó ló ń ra ajílẹ̀ púpọ̀; òun náà ló ń rówó san fún alágbàṣe àti oògùn kòkó. Bí owó kò bá sí nínú ìṣirò yín, iṣẹ́ owó ti wọnú 40 yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ipa ajílẹ̀ gan-an má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí olùdánwò tó bi yín.