Bí mo ṣe to ìṣèlú ìjọba Odòjẹ́ kí n tó kọ ìtàn rẹ̀

Ìjọba kan wà nínú ìtàn àròsọ tí mò ń kọ, Odòjẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Etí odò ńlá ló wà, odò náà ló sì ń gba ọba wọlé: ẹni tí wọ́n bá mú yóò dúró lórí òkúta kan létí omi ní àfẹ̀mọ́jú, bí odò bá kún dé orúnkún rẹ̀, ó ti gbà á nìyẹn. Gbogbo idán tó wà nínú ìtàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ kí ogun àti ọ̀tẹ̀ inú rẹ̀ wá láti ọwọ́ ìkà ènìyàn kan. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé òfin oyè gan-an ni yóò bí wàhálà, kí ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́ náà tún máa ti ìlú sínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa jà sí ni mo kọ́kọ́ wá. Adé nìkan kò tó. Ní Odòjẹ́, ẹni tó bá wà lórí ìtẹ́ ló ń gba owó èbúté lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ sọdá, òun ló sì ń pín ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi máa ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí mo ti mọ ibi tí owó àti oúnjẹ ń gbà wọlé, mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ìtẹ́ yóò máa dùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọjú sí òfin oyè. Mo wo bí àwọn ìlú wa ṣe ń ṣe é, nítorí pé oríṣiríṣi ni. Ní Ìbàdàn, kò sí ìdílé ọlọ́ba. Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, ìjòyè á máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan an. Ìyẹn máa ń mú kí ẹni tó jẹ ọba ti dàgbà gan-an kí ó tó dé orí ìtẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdílé mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, wọ́n sì máa ń fẹ́ràn abídàgbà, ìyẹn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí oyè. Nígbà tí mo ro nǹkan méjì yìí pọ̀, yíyí oyè kiri àti abídàgbà, mo rí i pé ìṣirò kan wà nínú rẹ̀ tó lè gbé odindi ìwé.

Mo fún Odòjẹ́ ní ìdílé mẹ́ta: Adérókun, Jógunọlá àti Tẹ̀lá. Oyè ń yí láàrin wọn, abídàgbà nìkan ló sì lè jẹ ẹ́, kò sí àyè fún ọmọ-ọmọ. Bí ọba ìdílé kan bá wàjà, ọba méjì gbọ́dọ̀ jẹ kọjá kí ó tó tún kan ìdílé náà. Bí ọba kọ̀ọ̀kan bá lo ọdún mẹ́wàá, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí bàbá rẹ̀ wàjà yóò pé ogún ọdún nígbà tó bá kàn wọ́n, ó ti tó ọba. Ṣùgbọ́n bí ọba kan ṣoṣo bá pẹ́ lórí ìtẹ́, àwọn abídàgbà ìdílé tó kàn yóò ti di arúgbó, tàbí kí wọ́n ti kú tán. Òfin náà dára títí di ọjọ́ tí ọba kan bá ní ẹ̀mí gígùn, ohun tí gbogbo ìlú sì máa ń tọrọ fún ọba wọn nìyẹn. Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí: àdúrà náà ló ń ba òfin jẹ́.

Mo wá kọ ọdún sílẹ̀, nítorí pé láìsí ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ oyè kò ní egungun. Ọba ìdílé Tẹ̀lá jẹ láti ọdún 191 sí 200. Ti Adérókun jẹ láti 200 sí 212. Ti Jógunọlá gorí ìtẹ́ ní 212, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ó lo ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko. Ó wàjà ní 260. Tẹ̀lá ló kàn. Gbogbo abídàgbà wọn, àárín 191 sí 200 ni wọ́n bí wọn, kò sí èyí tó kéré sí ọgọ́ta ọdún, ẹnì kan péré ló sì ṣẹ́kù láàyè: Bàbá Adéṣínà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, àgbẹ̀ tí kò bímọ rí.

Láti ibí yìí, mi ò nílò láti dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ fúnra mi. Mo kàn bi ìdílé kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ni òfin yìí yóò ṣe fún wọn. Àwọn abídàgbà Adérókun ti wà láàrin ọdún méjìdínláàádọ́ta sí ọgọ́ta. Ọjọ́ ń lọ lórí wọn, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí Bàbá Adéṣínà jẹ kíákíá, kí ó má sì pẹ́. Jógunọlá ní ọmọ rẹpẹtẹ, àwọn kan ṣì ń fa ọmú, nítorí náà ìdádúró ni èrè tiwọn: bí ìtẹ́ bá ṣófo pẹ́, àwọn ará Adérókun yóò máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Tẹ̀lá fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Àwọn àgbà fẹ́ kí Bàbá Adéṣínà jẹ, kí òfin dúró. Àwọn ọ̀dọ́ sọ pé bí ó bá jẹ tí kò sì bímọ, ìdílé náà kò ní ní abídàgbà mọ́ láéláé, wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nìyẹn. Àwọn fẹ́ kí wọ́n yí òfin padà, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n jẹ.

Yíyí òfin padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, mi ò sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu lásán ṣe é. Ìtàn tiwa ti jẹ́rìí sí i. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Àrẹ̀mọ máa ń bá Aláàfin kú. Aláàfin Àtìbà pa àṣà náà tì, ó fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní tẹrí ba fún un, ogun Ìjàyè sì wáyé láti 1860 sí 1862, ìlú náà sì tú. Kúrunmí kì í ṣe ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: òfin àwọn bàbá rẹ̀ ló ń gbèjà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn àgbà Tẹ̀lá jẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ló ka ojú ìwé wọ̀nyí, ó sì bi mí pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ọba ò sí, ta ló ń gba owó èbúté?» Ìbéèrè yẹn ló bí ẹni tó lágbára jù nínú ìtàn náà. Mo ní Olórí Atukọ̀ ni. Òun ló ń gbà á lásìkò tí ìtẹ́ bá ṣófo, ó tún wà lára àwọn afọbajẹ márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹni tí owó ń wọlé fún nítorí pé kò sí ọba ni wọ́n ní kó bá wọn mú ọba. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà wà lọ́kàn mi, ẹni tó ń fi Aláàfin jẹ, tó tún ń rọ̀ wọ́n lóyè, títí Abíọ́dún fi borí rẹ̀ ní 1774. Ṣùgbọ́n mo ṣọ́ra kí Olórí Atukọ̀ má di Gáà. Kò ní ọmọ ogun. Ohun tó ní ni pé ó lè dá ọkọ̀ dúró, kí ọjà má lè ná. Ohun tí mo kọ síwájú orúkọ olúkúlùkù ni ohun tó lè fà sẹ́yìn; ẹni tí kò bá ní nǹkan kan tó lè fà sẹ́yìn, mo yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ṣe lọ, nítorí pé kò sí ohun tí ìlú yóò pàdánù bí wọ́n bá jókòó sílé.

Ẹ̀dùn ọkàn tó fara sin nínú ìtàn náà ló gba àkókò jù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dùn tí gbogbo ìlú mọ̀ kò fara sin, ẹ̀dùn tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò lè mú ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Ibi tí mo ti rí tèmi ni Òfin Oyè ti ọdún 1957 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń kọ àwọn ìdílé tó ní ẹ̀tọ́ sí oyè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà, wàhálà rẹ̀ pọ̀, àwọn ẹjọ́ irú rẹ̀ ti dé kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà. Mo wá sọ pé ìdílé mẹ́rin ló wà ní Odòjẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin ni Ilé Akínlódò. Nígbà tó kàn wọ́n, ọmọ wọn dúró lórí òkúta, odò kò kún. Wọ́n ní odò kọ̀ wọ́n, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan ti kó òkúta dí odò lókè lóru ọjọ́ náà. Odò kì í purọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè dí i lọ́nà.

Mo pín ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àtọmọdọ́mọ Akínlódò, tí wọ́n ń pẹja lókè odò, mọ̀ pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Olórí Atukọ̀ mọ̀ pé bàbá bàbá òun ṣe iṣẹ́ kan fún ìdílé mẹ́ta lóru, ó sì rò pé ẹbọ ni. Ìlú kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ wà lójú wọn: bí wọ́n bá ń fi ọba jẹ, igbá omi mẹ́rin ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, ìdílé mẹ́ta ló ń jáde wá mu ún, ìyá àgbà kan á wá da ìkẹrin padà sínú odò. Bí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní ti ilẹ̀ ni. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé igbá náà ní orí àkọ́kọ́.

Mo wá pa ọba náà lórí ìwé, mo sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá yóò dúró. Inú òjò ló wàjà. Ọmọ rẹ̀ àgbà di adelé. Olórí Atukọ̀ ní ìpàdé afọbajẹ kò tíì tó, ẹnì kan ṣàìsàn, ẹlòmíràn lọ sóko. Jógunọlá gbè é lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, òjò dá, ẹ̀rùn wọlé, ọ̀dá ọdún náà sì le. Omi odò fà sẹ́yìn, òkúta tí wọ́n kó jọ lóru ọjọ́sí yọ síta, wọ́n tò ó léra wọn láti bèbè dé bèbè, àwọn apẹja Akínlódò ló sì kọ́kọ́ rí i. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọba jẹ lásìkò òjò ni, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ìdádúró tí Olórí Atukọ̀ ṣe nítorí owó ló tú àṣírí ilé tirẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì pinnu, òun ni bóyá Ilé Akínlódò ní abídàgbà kankan. Ní ìṣirò, kò lè ní, nítorí pé wọn kò jẹ ọba láti ìgbà tí wọ́n ti yọ wọ́n. Òfin tí wọ́n fi rẹ́ wọn jẹ náà ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dá ẹ̀tọ́ wọn padà, àfi bí ìlú bá gbà láti yí i padà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Tẹ̀lá náà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nítorí náà, orí kẹtàlá tí mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí ni ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Adéṣínà gun ọkọ̀ lọ sókè odò láti lọ bá àwọn apẹja náà sọ̀rọ̀, kò sì rí atukọ̀ kankan tó fẹ́ gbé e.