Èrè orí ìpín tí kò jẹ́ kí ìwé ìṣirò dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, gbèsè àti owó onípìn-ín fi 2,000 ju ohun-ìní lọ nínú ìwé ìṣirò wa. Ìpín 10,000 la tà, 1 ni iye orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ 1.50 la tà á. Èrè àkójọ látẹ̀yìn jẹ́ 8,000, èrè ọdún yìí 6,000. Kí ọdún tó parí, a kéde èrè orí ìpín 2,000, mo sì kọ ọ́ sí gbèsè torí a ò tíì san án. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Gbèsè tí ẹ kọ yẹn tọ̀nà. Ohun tó kù ni pé ẹ ò yọ 2,000 náà kúrò nínú èrè àkójọ. Lọ́jọ́ ìkéde, owó kankan ò tíì kúrò ní báńkì, nítorí náà ohun-ìní dúró bó ṣe wà. Apá kan èrè tó jẹ́ ti àwọn onípìn-ín lápapọ̀ ló wá di gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ wọ́n. Bí gbèsè ṣe gòkè, èrè àkójọ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ níye kan náà: 8,000 + 6,000 − 2,000 = 12,000.

Owó ìpín dúró ní 10,000, nítorí iye orí ìpín nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Àlékún 5,000 tí ẹ rí nígbà títà ní ìlà tirẹ̀. Àpapọ̀ owó onípìn-ín wá jẹ́ 27,000. Ẹ ò ní rí ìlà kankan fún èrè orí ìpín láàárín wọn. Inú ìwé tó ń ṣàlàyé bí owó onípìn-ín ṣe yí padà láàárín ọdún ló ti ń hàn. Bí ẹ bá wá san án lọ́dún tó ń bọ̀, gbèsè àti owó báńkì ló máa dín. Ẹ má tún fọwọ́ kan èrè àkójọ mọ́.

Ìbéèrè: Mo gbé 2,000 náà sí ìnáwó, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Ṣé kò ti tán?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó dọ́gba torí pé èrè ọdún já sí 4,000, èrè àkójọ sì parí sí 12,000 náà. Àmọ́ irọ́ ni 4,000 yẹn: 6,000 ni iṣẹ́ yín mú wọlé, pípín èrè kì í ṣe ara ohun tí ẹ ná láti rí i. Ẹni tó bá ka ìwé náà á rò pé ọjà ò tà dáadáa. Ìpín tó di dandan kí ilé-iṣẹ́ rà padà yàtọ̀, torí gbèsè ni wọ́n kà á sí. Èrè orí irú ìyẹn máa ń wọ ìnáwó bí èlé.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òpin ọdún la kéde rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Lábẹ́ IAS 10, ìlànà ìṣirò àgbáyé lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún, kò sí gbèsè kankan fún èrè orí ìpín náà lọ́jọ́ òpin ọdún. Ẹ fi èrè àkójọ sílẹ̀ ní 14,000, kí ẹ sì mẹ́nu ba ìkéde náà nínú àlàyé tó ń tẹ̀ lé ìwé ìṣirò.